Àmì Ohùn Kì í Ṣe Ẹ̀bùn

Gbólóhùn kan wà tí gbogbo àwa tí à ń fi Yorùbá ṣiṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti gbọ́ rí, yálà à ń kọ̀wé ni o, à ń ka ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ ni o, tàbí à ń kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ fídíò: "Ṣebí èdè ìyá yín ni? Kí ló wá le níbẹ̀?" Oníbàárà á sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n wa nílé á sọ ọ́, ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ náà á sọ ọ́. Gbólóhùn yìí ló ń jẹ owó wa. Ẹni tó bá gbà pé Yorùbá ò le á gbà pé kíkọ ọ́ dáadáa náà ò le. Ohun tí kò bá sì le, ta ló fẹ́ sanwó gidi fún un?

Èrò tiwa rèé, a ò sì ní fepo bọyọ̀: bí wọ́n ṣe ń sanwó iṣẹ́ Yorùbá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí, ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ ló ń jìyà, ẹni tó fi í sílẹ̀ láàbọ̀ ló ń jèrè. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn jù ni ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fídíò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sọ́bútáítù. Ohun tó sì fà á ni àmì ohùn. Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan ṣoṣo ṣàlàyé rẹ̀ látòkèdélẹ̀.

Ká sọ pé fídíò oníṣẹ́jú 10 ni. Àwọn ìyá aláró ní Abẹ́òkúta ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ. Oníbàárà fẹ́ ká kọ ohun tí wọ́n sọ sí ìsàlẹ̀ ní Yorùbá, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wo fídíò lórí fóònù láì yọ ohùn rẹ̀ síta, pàápàá nínú ọkọ̀ èrò. Àwọn kan sì wà tí etí wọn ò gbọ́ràn dáadáa. Ó ní òun máa san dọ́là 3 lórí ìṣẹ́jú fídíò kọ̀ọ̀kan. Dọ́là 30 nìyẹn. Bó bá jẹ́ orí Fiverr la ti pàdé, ìdá 20 nínú 100 ni wọ́n máa ń yọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, dọ́là 24 ló máa kù. Àpẹẹrẹ ni iye yìí o. Ẹni tí tiẹ̀ bá jù bẹ́ẹ̀ tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, kó fi tiẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ìṣirò náà ò ní yí padà.

Iṣẹ́ wo ló wà níbẹ̀? Àkọ́kọ́, a máa wo fídíò náà já, ká kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí kò yé wa sílẹ̀, ká bi ẹni tó mọ̀. Aláró lè ní "àdìrẹ ẹlẹ́kọ", kó tún ní "àdìrẹ oníko". Ẹni tí kò bá mọ̀ pé iko ni wọ́n fi ń di aṣọ kó tó wọ inú aró, "oníkọ́" ló máa kọ, á wá dà bíi pé ikọ́ ló ń ṣe aṣọ náà. Ìyẹn gba bí ìṣẹ́jú 25. Lẹ́yìn náà la máa kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Àwọn ìyá méjì á máa sọ̀rọ̀ pa pọ̀, ìkòkò á máa dún, a ó máa dá a padà gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 ti lọ. Fífi àkókò sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ìgbà tó máa yọ àti ìgbà tó máa kúrò, wákàtí kan. Gígé gbólóhùn gígùn sí ibi tí kò ti ní da ìtumọ̀ rú, ìṣẹ́jú 30. Wíwo gbogbo rẹ̀ níkẹyìn, ìṣẹ́jú 40. Títọ́jú fáìlì àti fífi ránṣẹ́, ìṣẹ́jú 10. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 4 géérégé.

Ṣé ẹ rí i pé a ò tíì fi àmì ohùn kan sí i? Ìyẹn tún gba wákàtí kan àbọ̀ sí i, torí pé lẹ́tà bíi "ẹ́" kì í ṣe ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́: lẹ́tà wà, àmì abẹ́ rẹ̀ wà, àmì orí rẹ̀ wà. Yíyẹ àmì wò pẹ̀lú ohùn tún gba ìṣẹ́jú 30, torí pé ojú nìkan ò lè sọ bóyá "kò" ni ìyá yẹn wí tàbí "kó". Iṣẹ́ ti di wákàtí 6.

Ibi tó ti dùn wá rèé. Ẹni tó fi àmì sí i gba dọ́là 24 fún wákàtí 6: dọ́là 4 ní wákàtí kan. Ẹni tí kò fi àmì sí i rárá gba dọ́là 24 kan náà fún wákàtí 4: dọ́là 6 ní wákàtí kan. Oníbàárà tí kò gbọ́ Yorùbá ò mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ìràwọ̀ márùn-ún ló máa fún àwọn méjèèjì. Tí ẹnì kan bá wá ń bi wá pé kí ló dé tí Yorùbá orí íńtánẹ́ẹ̀tì fi rí jákujàku, ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú ìwà ọ̀lẹ àwọn ọ̀dọ́. Inú ìṣirò yẹn ló wà. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ pé ló pàdánù.

Owó nìkan kọ́. Àwọn ẹ̀rọ tá a fi ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an ń bá àmì jà. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló máa ń fún wa lófin: ìlà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́tà 42 ó pọ̀ jù lórí ìlà kan, kí ẹni tó ń wò ó má sì ní láti ka ju lẹ́tà 17 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òfin yẹn dára, torí pé ojú èèyàn níye tó lè kà. Àmọ́ báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń ka lẹ́tà? Ẹ wo gbólóhùn yìí, bí ó ṣe wà nínú fáìlì:

```
12
00:01:04,200 --> 00:01:06,600
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí aṣọ ọ̀hún
kọ́kọ́ gbẹ ná o.
```

Ká à pẹ̀lú ojú, àlàfo àti àmì ìdánudúró mọ́ ọn: 37 ni. Ìyá náà sọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.4. Bí a bá fi 2.4 pín 37, kò tó 16. Ó wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn ètò kan lórí kọ̀ǹpútà máa ń sọ pé 43 ni. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú Unicode, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà gbogbo èdè, "á" ní nọ́ńbà tirẹ̀, "ẹ" náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ́", "ẹ̀", "ọ́" àti "ọ̀" ò ní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ lẹ́tà kan tí wọ́n gbé àmì lé lórí: nọ́ńbà méjì. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mẹ́fà ló wà nínú gbólóhùn yẹn, ìyẹn ló fi di 43. Fi 2.4 pín 43, ó ti ju 17 lọ. Àmì pupa á yọ: "ó ti yá jù, ẹ gé e kúrú."

Kí ni òṣìṣẹ́ tó ti rẹ̀ máa ṣe ní aago kan òru, tí bátìrì ń lọ sílẹ̀? Á pa àmì rẹ́. Kò ní láti pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́. Àmì mẹ́fà yẹn nìkan, àmì pupa á ti lọ. Ẹ̀rọ ti sọ fún un pé àkọtọ́ tó tọ́ ni àṣìṣe, pé èyí tí kò tọ́ ló pé. Ẹ sì wò ó, kò sí ẹnikẹ́ni tó ń ka ọ̀rọ̀ yẹn tó máa ka "ọ̀" bí lẹ́tà méjì. Ojú ò rí i bẹ́ẹ̀, ẹnu ò pè é bẹ́ẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọn ò ṣe fún wa ló ń kà á bẹ́ẹ̀, àwa la sì ń san gbèsè rẹ̀.

Tí fáìlì bá wá kọjá ibẹ̀, ewu kan ṣì kù. Bí ẹnì kan lọ́dọ̀ oníbàárà bá ṣí i tó sì tún un tọ́jú láì lo UTF-8, gbogbo "ẹ" inú rẹ̀ á di "áº¹" tàbí àmì ìbéèrè lójú fídíò. Oníbàárà á kọ̀wé sí wa pé fáìlì wa ti bàjẹ́, pé ká yọ "àwọn nǹkan kéékèèké yẹn" kúrò. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Fáìlì tá a fi ránṣẹ́ ò ní àbùkù kankan. Ọwọ́ tó gbà á ló bà á jẹ́, àmì ló gba ìbáwí. Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé ká bi í pé ètò wo ló fi ṣí i, ká ní kó tún un ṣí ní UTF-8, ká sì fi àwòrán bó ṣe rí lójú tiwa ránṣẹ́ sí i.

A mọ ohun táwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Ṣebí gbogbo wa là ń kọ Yorùbá láìsí àmì lórí WhatsApp, a sì ń gbọ́ ara wa yé." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp mọ̀ mí, mo mọ̀ ọ́n, a mọ ohun tá a ń sọ tẹ́lẹ̀. Bí ohun kan ò bá yé mi, màá bi í. Ta ni ẹni tó ń wo fídíò máa bi? Ìyá aláró wí pé: "Kó rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i." Ìtọ́ni ni: kí ọmọ iṣẹ́ tún aṣọ náà rẹ. Ẹni tó kọ ọ́ láìsí àmì kọ "Ko re e leekan si i." Ẹni tó ń wò ó láìsí ohùn lè kà á sí "Kò rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i": kò tún un rẹ mọ́. Ìyá ní kó ṣe é, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ní kò ṣe é. Gbólóhùn tó yí i ká ò ní fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́, torí pé méjèèjì ló bá iṣẹ́ aró mu. Bákan náà ni "O ti san owó" àti "Ó ti san owó". Ọ̀kan, ìwọ lo sanwó. Èkejì, ẹlòmíì ló san án. Àmì kan péré ló wà láàárín wọn, ẹjọ́ sì lè wà níbẹ̀.

Wọ́n á tún ní àmì ohùn jẹ́ ọ̀ṣọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, pé èèyàn gidi ò lò ó. Láti ìpàdé tí àwọn ìjọ ṣe lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875 ni ọ̀rọ̀ àmì ti wà nílẹ̀, àkọtọ́ òde-òní tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 náà sì ní in nínú. Àmọ́ ká tiẹ̀ fi ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èèyàn gidi ń lo ohùn ní gbogbo ìgbà tó bá la ẹnu. Ìyá aláró tí kò lọ sílé ìwé rí ò jẹ́ pe "kó" ní "kò" láéláé. Tá a bá yọ ohùn yẹn kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwa la dín in kù, òun kọ́ ló sọ ọ́ báyẹn.

Àwọn tó ń fi ohùn ṣiṣẹ́ náà mọ ìyà yìí, ó kàn yíjú sí ọ̀nà mìíràn ni. Oníbàárà á fi ìwé ìpolówó ránṣẹ́ láìsí àmì kan lórí rẹ̀: "Owo wa lowo wa." Ṣé "owó wà lọ́wọ́ wa" ni, àbí "ọ̀wọ̀ wà lọ́wọ́ wa"? Ẹni tó fẹ́ kà á gbọ́dọ̀ jókòó ti ìwé náà, kó fi àmì sí gbogbo rẹ̀ kó tó tan ẹ̀rọ, láìgba kọ́bọ̀. Tó bá wá ka "owó", tí oníbàárà sì ní "ọ̀wọ̀" lòun ní lọ́kàn, wọ́n á ní kó lọ tún un kà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n tún máa ń sanwó fún un lórí ìṣẹ́jú ohùn tó ti parí, ìyẹn ni pé wákàtí tó fi tú ìwé wọn ò sí nínú ìṣirò. Iṣẹ́ akọ̀wé ni wọ́n gbé fún akàwé, tí wọn ò san owó akọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ tó kù, àárín àwa òṣìṣẹ́ ni. Àwọn kan nínú wa ń fi àìfi-àmì-sí-i dín owó kù láì sọ fún oníbàárà. Wọ́n á ní àwọn máa ṣe é ní dọ́là 2, wọ́n á wá kó Yorùbá tí kò ní àmì jọ fún un, wọ́n á sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ ti pé. Ẹni tó bá sọ fún oníbàárà gbangba pé òun ò ní fi àmì sí i, tó sì gba owó tó kéré, ọjà tiẹ̀ ló ń tà, a ò ní ẹjọ́ bá a rò. Ibi mìíràn tiẹ̀ wà tí kò ti nílò rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ àwàdà kúkúrú tó fẹ́ dà bí WhatsApp, tàbí ẹ̀rọ kan tí lẹ́tà rẹ̀ ò lè gbé àmì. Ẹni tá a ní ẹjọ́ bá rò ni ẹni tó pe ìdajì ní odindi. Kì í ṣe oníbàárà nìkan ló tàn jẹ; ó ti so iye tí oníbàárà máa fi wọn iṣẹ́ gbogbo wa mọ́ iṣẹ́ tí kò parí.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta là ń ní kí gbogbo wa máa ṣe, kò sì sí èyí tó kọjá agbára ẹni tó ní fóònù kan ṣoṣo lọ́wọ́.

Ẹ pín iye owó sí méjì nínú ìwé tí ẹ bá kọ sí oníbàárà, kí ẹ sì fi orúkọ pè é. Lórí fídíò wa yẹn, dọ́là 3 ní ìṣẹ́jú kan fún èyí tí kò ní àmì, dọ́là 4 àbọ̀ fún èyí tó ní. Ẹ ṣírò rẹ̀: 45 ni, ibi tá a ti pàdé yọ 9, 36 kù, pín in sí wákàtí 6, dọ́là 6 ní wákàtí kan. Iye kan náà ni ẹni tí kò fi àmì sí i ń gbà ní wákàtí kan. A ò bẹ̀bẹ̀ fún àánú níbẹ̀. A kàn ní kí wákàtí dọ́gba pẹ̀lú wákàtí. Ẹni tó bá yan èyí tí kò ní àmì, ó ti mọ ohun tó rà.

Èkejì, ẹ fi hàn án. Oníbàárà tí kò gbọ́ Yorùbá ò lè mọ iyì ohun tí kò lè rí. Ẹ mú ìṣẹ́jú kan nínú fídíò rẹ̀, kí ẹ ṣe é lọ́nà méjèèjì, kí ẹ gba owó ìṣẹ́jú yẹn. Ẹ wá gbólóhùn kan níbẹ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà, bíi "kó" àti "kò", kí ẹ kọ ìtumọ̀ méjèèjì sí abẹ́ rẹ̀ ní èdè tó gbọ́. Kò sí ẹni tó ń ná owó sórí fídíò tó máa dùn mọ́ nínú pé "ṣe é" ti di "kò ṣe é" níwájú èrò.

Ẹ̀kẹta, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: UTF-8 ni fáìlì máa jẹ́, lẹ́tà tí ojú rí ni a ó kà, àmì orí rẹ̀ kò sí nínú iye, bó bá sì jẹ́ iṣẹ́ ohùn, oníbàárà ló máa fún wa ní ìwé tó ní àmì, tàbí kó sanwó fún wa láti fi sí i. Àtúnkà tí àṣìṣe ẹnu wa bá fà, ọ̀fẹ́ ni. Èyí tí ìwé tí kò ní àmì bá fà, owó ni. Tí òfin 17 bá ṣì ń dí wa lọ́nà lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ la máa gé: "Ẹ jẹ́ kí aṣọ kọ́kọ́ gbẹ ná." A dín ọ̀rọ̀ kù, a ò dín ohùn kù.

Wọ́n á ní oníbàárà á sá lọ bá ẹlòmíì. Àwọn kan á sá lọ lóòótọ́. Àwọn tí wọ́n wá Yorùbá nítorí pé ó pọ́n dandan kí wọ́n lè sọ pé àwọn ní in, tí wọn ò bìkítà bóyá ẹnikẹ́ni lè kà á, àwọn yẹn ò ní dúró. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì tí wọ́n fẹ́ sá lọ bá yẹn, àwa náà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ni. Bí oníbàárà bá dé ọ̀dọ̀ ẹni kejì, tó tún bá iye méjì yẹn níbẹ̀, tó dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹta, tó bá a bákan náà, á mọ̀ pé iye ọjà nìyẹn. Aláta kì í ta ata lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí pé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló ti hù. Èdè ìyá wa ni Yorùbá lóòótọ́. Wákàtí méjì tá a fi fi àmì sí i, tiwa ni, ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó sanwó rẹ̀.